Ìdènà ooru oòrùn lójú fèrèsé

Ìdènà ooru oòrùn lójú fèrèsé jẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ìkọ́lé tó dá lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè wọ inú ilé láìjẹ́ pé ooru oòrùn bá a wọlé ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lọ: gíláàsì aláwọ̀, gíláàsì tí wọ́n fi ìpele irin tín-ín-rín bò, àti ìbòòji tí wọ́n kọ́ sí ìta fèrèsé. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dín ooru kù, ṣùgbọ́n ohun tí olúkúlùkù ń fi ooru náà ṣe yàtọ̀ síra. Gíláàsì aláwọ̀ ń fa ooru mọ́ ara rẹ̀. Gíláàsì tó ní ìpele irin ń dá a padà síta. Ìbòòji ìta kì í jẹ́ kí ó dé ara gíláàsì rárá.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ olóoru bíi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà àti gúúsù Bìnì, níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í ti í dúró pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Gíláàsì, bó ti wù kí ó dára tó, kò lè dá ooru dúró nígbà tí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí. Ìbòòji ìta lè ṣe é.

## Bí ooru oòrùn ṣe ń gba ojú gíláàsì wọlé

Ó kéré díẹ̀ sí ìdajì agbára oòrùn tó ń dé ilẹ̀ tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Èyí tó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ jẹ́ ìtànṣán tí ojú kò lè rí, ṣùgbọ́n tí awọ ara ń mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ooru. Ìwọ̀n kékeré tó ṣẹ́ kù ni ìtànṣán tó ń mú kí aṣọ fèrèsé àti àga onítìmùtìmù ṣá. Gíláàsì funfun, ìyẹn èyí tí kò ní àwọ̀ kankan, ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti ìtànṣán ooru yìí kọjá lọ́pọ̀ yanturu.

Nígbà tí ìtànṣán bá wọlé tán, ó máa bà lé ilẹ̀, ibùsùn àti ògiri, wọn yóò sì gbóná. Ohun tó bá gbóná báyìí náà a máa tú ooru jáde, ṣùgbọ́n ìtànṣán ooru tí ó ń tú jáde kì í ṣe irú èyí tó ti ara oòrùn wá. Ìgbì rẹ̀ gùn ju ti oòrùn lọ, gíláàsì kì í sì í jẹ́ kí ó kọjá. Ìdí nìyí tí inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn, tí wọ́n sì ti gbogbo gíláàsì rẹ̀, fi máa ń gbóná ju ìta lọ. Ooru rí ọ̀nà wọlé, kò rí ọ̀nà jáde.

Àwọn tó ń ṣe gíláàsì máa ń fi iye kan sọ ìwọ̀n ooru oòrùn tí gíláàsì wọn ń jẹ́ kó wọlé. Lórí ìwé ọjà, lẹ́tà SHGC ni wọ́n fi ń tọ́ka sí iye náà, ó sì máa ń wà láàárín 0 sí 1. Bí iye náà bá jẹ́ 0.82, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 100 ìdá ooru oòrùn tó bà lé gíláàsì náà, ìdá 82 ló wọlé. Iye yìí ka èyí tó kọjá tààrà, ó sì tún ka èyí tí gíláàsì kọ́kọ́ fà mọ́ra kí ó tó tú u sínú ilé. 0.82 gan-an ni iye gíláàsì funfun tó nípọn tó mìlímítà 6.

## Fèrèsé àpẹẹrẹ kan ní Èkó

Kí ìyàtọ̀ àárín àwọn ọ̀nà náà lè hàn kedere, a lè fi gbogbo wọn wọn fèrèsé kan ṣoṣo. Ká ní fèrèsé náà wà ní yàrá kan ní Èkó, ó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.2. Gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.8 níbùú lóròó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ká ní agbára oòrùn tó ń bà lé mítà kan níbùú lóròó ojú fèrèsé náà jẹ́ 600 wáàtì. Bí gíláàsì rẹ̀ bá jẹ́ funfun, ooru tí yóò wọlé nìyí:

```
1.8 × 600 × 0.82 = 886 W
```

Ooru yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kékeré kan tí wọ́n tàn kalẹ̀ sínú yàrá. Bí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ méjì, ooru wọn yóò lé ní 1,770 wáàtì. Ẹ̀rọ amúlétutù tí ọjà ń pè ní agbára ẹṣin kan máa ń lè kó nǹkan bí 2,600 wáàtì ooru kúrò nínú yàrá. Fèrèsé méjì péré ti gba ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀, kí a tó ka ooru òrùlé, ti ògiri àti ti àwọn ènìyàn inú yàrá mọ́ ọn.

Ọ̀nà kejì tí ooru ń gbà kọjá lójú gíláàsì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru ìta àti ooru inú ilé. Bí ìta bá wà ní 32 °C, tí inú yàrá sì wà ní 25 °C, fèrèsé kan náà yóò jẹ́ kí nǹkan bí 73 wáàtì wọlé lọ́nà yìí. Ooru tó ti ara oòrùn wá jù ú lọ ní ìlọ́po méjìlá. Ní ilẹ̀ òtútù, níbi tí ìyàtọ̀ náà lè tó ìwọ̀n 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà kejì yìí ni àwọn akọ́lé ń bá jà jù, òun ló sì mú kí fèrèsé onígíláàsì méjì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní Èkó, gíláàsì funfun méjì tí wọ́n kàn so pọ̀ lásán kò lè ṣe púpọ̀, nítorí pé ooru oòrùn ṣì lè la méjèèjì kọjá: iye SHGC rẹ̀ ṣì wà ní nǹkan bí 0.70.

## Gíláàsì aláwọ̀

Gíláàsì aláwọ̀, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní tíńtẹ́ẹ̀dì, ni èyí tí wọ́n po èròjà àwọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú iná. Àwọ̀ náà wà nínú gbogbo ara gíláàsì, kò ṣeé fọ̀ kúrò. Àwọ̀ eérú, àwọ̀ idẹ, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ló pọ̀ jù lórí igbá.

Gíláàsì aláwọ̀ eérú tó nípọn tó mìlímítà 6 ní iye SHGC tó wà ní nǹkan bí 0.60. Lójú fèrèsé àpẹẹrẹ wa, ooru tó ń wọlé yóò dín kù láti 886 sí 648 wáàtì, ìyẹn ìdínkù tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó dín kù jù. Gíláàsì funfun ń jẹ́ kí ìdá 88 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n gíláàsì aláwọ̀ eérú kì í jẹ́ kí ó ju nǹkan bí ìdá 46 lọ. Ojú a máa tan ènìyàn jẹ níbí. Ẹni tó bá wọ yàrá náà yóò rí i pé ó ti ṣókùnkùn dé ìdajì, yóò sì rò pé ooru náà ti dín kù dé ìdajì, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé gíláàsì aláwọ̀ kì í dá ooru padà. Ńṣe ló ń fà á mọ́ra. Bó bá ti fà á mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ yóò gbóná ju afẹ́fẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ, yóò sì máa tú ooru náà jáde, apá kan síta, apá kan sínú ilé. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ibùsùn tàbí tábìlì rẹ̀ bá wà lẹ́bàá fèrèsé náà yóò máa gbóná lápá kan ara, kódà bí oòrùn kò bá bà lé e.

Àwọ̀ gíláàsì kan kò dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Gíláàsì aláwọ̀ ewé ń dá ooru dúró tó ti aláwọ̀ eérú, iye SHGC rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 0.60 bákan náà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ wọlé. Èròjà irin tó wà nínú rẹ̀ ló fà á, nítorí pé ìtànṣán ooru tí ojú kò rí ni èròjà yìí ń gbé mì ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ra gíláàsì tó dúdú jù nítorí ooru nìkan ti sọ ìmọ́lẹ̀ nù lásán, yóò sì máa tan iná lọ́sàn-án.

Ìbátan rẹ̀ ni gíláàsì tó ń dán bí jígí, tí wọ́n fi irin bo ojú rẹ̀. Ó ń dá ooru padà ju gíláàsì aláwọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kéré gan-an, ó sì lè darí oòrùn sójú aládùúgbò. Àṣírí tí àwọn ènìyàn tún máa ń tìtorí rẹ̀ rà á kì í kọjá ọ̀sán. Ní alẹ́, tí iná bá wà nínú yàrá tí òkùnkùn sì wà níta, ẹni tó wà níta ni yóò máa rí inú ilé.

## Gíláàsì onífàdákà

Gíláàsì tí wọ́n ń kọ Low-E sí lára jẹ́ gíláàsì tí wọ́n fi ìpele irin bò, tí irin náà sì jẹ́ fàdákà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìpele fàdákà kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí irun orí kan fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìdí sì nìyẹn tí ojú fi ń rí òdì kejì. Ìmọ́lẹ̀ ń la fàdákà náà kọjá, ṣùgbọ́n ìtànṣán ooru tí ojú kò rí ń bà lé e, ó sì ń padà síta. Ìpele fàdákà lè jẹ́ ẹyọ kan, méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ooru dáadáa sí i.

Orúkọ náà tọ́ka sí ìwà fàdákà mìíràn: kì í fẹ́ tú ooru tó wà lára rẹ̀ jáde. Gíláàsì lásán ń tú ìdá 84 nínú 100 ooru tí ohun dúdú biribiri yóò tú jáde bí wọ́n bá jọ gbóná tó ara wọn. Ojú gíláàsì tó ní fàdákà kì í sábà tú ju ìdá 10 lọ.

Fèrèsé onígíláàsì méjì tó ní irú fàdákà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru lè ní iye SHGC tó jẹ́ 0.30, kí ó sì ṣì jẹ́ kí ìdá 60 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé. Lójú fèrèsé àpẹẹrẹ wa, ooru yóò wá sí 324 wáàtì. Ooru náà jẹ́ ìdajì ti gíláàsì aláwọ̀ eérú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ.

Ohun mẹ́ta ló lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èkínní ni orúkọ. Irú kan wà tí wọ́n fi èròjà tánganran bò, tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ òtútù kí ooru oòrùn lè wọlé, kí ooru inú ilé má sì jáde. Òun náà ń jẹ́ Low-E, ṣùgbọ́n iye SHGC rẹ̀ lè sún mọ́ 0.70. Ẹni tó bá gbé e wá sí Èkó ti ra ohun tí a ṣe láti mú ilé móoru. Nítorí náà, iye SHGC ni ó yẹ kí a béèrè, kì í ṣe orúkọ nìkan.

Èkejì ni ojú tí fàdákà náà wà. Fèrèsé onígíláàsì méjì ní ojú mẹ́rin, ìta ni wọ́n sì ti ń kà wọ́n. Ojú kìíní ni òjò ń pa. Ojú kejì àti ìkẹta kọjú síra nínú àlàfo. Ojú kẹrin ni ọwọ́ ẹni tó wà nínú yàrá lè kàn. Ní ilẹ̀ olóoru, ojú kejì ni fàdákà gbọ́dọ̀ wà. Bí gíláàsì ìta bá wá gbóná, fàdákà kò ní jẹ́ kí ó tú ooru náà sínú, yóò sì padà síta. Bí òṣìṣẹ́ bá dojú fèrèsé náà kọdí, fàdákà bọ́ sójú kẹta nìyẹn, ooru tó ń wọlé yóò sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí yóò hàn sí ojú lásán.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ àti omi. Fàdákà a máa jẹrà bí ọ̀rinrin bá kàn án. Ìdí nìyí tí irú rẹ̀ yìí fi gbọ́dọ̀ wà nínú àlàfo tí wọ́n dí pa. Kò ṣeé lò ní gíláàsì ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fi ṣe fèrèsé lúfà.

## Ìbòòji ìta

Ìbòòji ìta ni ohunkóhun tó bá dá oòrùn dúró kí ó tó kan gíláàsì: ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbòrí kọnkéré tó yọ síta lókè fèrèsé, abẹ́bẹ́ kọnkéré tó dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, búlọ́ọ̀kù oníhò, ilẹ̀kùn pátákó tó ní àlàfo, tàbí igi. Ohun tó bá gba oòrùn sára níta yóò gbóná níta, atẹ́gùn yóò sì gbé ooru náà lọ. Aṣọ fèrèsé tó wà nínú yàrá kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá fi máa kàn án, ooru ti la gíláàsì kọjá, inú yàrá ni aṣọ náà yóò sì tú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí.

### Ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé dojú kọ

Èkó wà ní ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, oòrùn máa ń ga gan-an ní ọ̀sán. Láàárín ọdún, ó máa ń tẹ̀ sí gúúsù fún oṣù púpọ̀, a sì tẹ̀ sí àríwá ní nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ tí ó tẹ̀ sí gúúsù jù ni ìparí oṣù Kejìlá, nígbà tí gíga rẹ̀ ní ọ̀sán jẹ́ ìwọ̀n 60. Ní ọjọ́ náà, ìbòrí tó yọ síta ní mítà 0.7 lókè fèrèsé tó dojú kọ gúúsù yóò ju òjìji tó gùn tó mítà 1.2 sísàlẹ̀. Òjìji náà bo gbogbo fèrèsé. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú ọ̀sán tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fèrèsé náà ni yóò ṣì wà lábẹ́ òjìji, bí ìbòrí náà bá fẹ̀ kọjá etí fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì. Ní ẹ̀gbẹ́ àríwá, mítà 0.4 ti tó fún ọ̀sán, nítorí pé oòrùn kì í tẹ̀ sí ìhà ibẹ̀ púpọ̀.

Ìwọ̀-oòrùn ni ìṣòro wà. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, bí ìbòrí tó yọ síta ní mítà 0.6 ṣe ń ṣe sí lójú fèrèsé àpẹẹrẹ wa nìyí:

| Àkókò | Gígùn òjìji | Ohun tó bò nínú mítà 1.2 |
|---|---|---|
| Wákàtí 2 lẹ́yìn ọ̀sán gangan | mítà 1.03 | púpọ̀ jù |
| Wákàtí 4 lẹ́yìn ọ̀sán gangan | mítà 0.34 | kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta |
| Wákàtí 5 lẹ́yìn ọ̀sán gangan | mítà 0.16 | díẹ̀ péré |

Ọ̀sán gangan níbí ni ìgbà tí oòrùn bá ga jù lọ. Ní Èkó, aago ọwọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 12:45 nígbà náà, nítorí pé ìlú náà wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ibi tí wọ́n fi ń ṣírò aago Nàìjíríà. Wákàtí 4 lẹ́yìn ọ̀sán gangan kò jìnnà sí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ní àkókò yẹn ìbòrí kò wúlò mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà yẹn gan-an ni oòrùn ń wo ojú fèrèsé ní tààrà.

Ohun tó lè ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ni èyí tó bo iwájú fèrèsé fúnra rẹ̀: búlọ́ọ̀kù oníhò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ jíjìn, tàbí ilẹ̀kùn pátákó oníàlàfo tó ṣeé tì ní ìrọ̀lẹ́ tó sì ṣeé ṣí láàárọ̀. Abẹ́bẹ́ kọnkéré tó dúró gbọnrangandan sí ògiri kò tó, nítorí pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń gba àárín abẹ́bẹ́ méjì wọlé. Ó gbọ́dọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ilẹ̀kùn pátákó bá dá ìdá 80 nínú 100 dúró lójú fèrèsé àpẹẹrẹ wa tó ní gíláàsì funfun, ohun tó ń wọlé nìyí:

```
1.8 × 600 × 0.20 × 0.82 = 177 W
```

Iye yìí kéré sí ti gíláàsì onífàdákà, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó rọjú jù lórí igbá. Àti pé bí wọ́n bá ṣí gíláàsì sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba àlàfo pátákó wọlé, ìbòòji náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

### Àpẹẹrẹ nínú ìtàn

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú agbo ilé Yorùbá, níbi tí òrùlé ti yọ kọjá ògiri tó sì ń bò ó, jẹ́ ìbòòji ìta ní tirẹ̀. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n kọ́ àwọn ilé tó tẹ́ẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè là wọ́n kọjá, wọ́n sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti kọnkéré oníhò bo iwájú wọn. Ní 1956, wọ́n tẹ ìwé kan jáde nípa ìkọ́lé ní ilẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin. Ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwòrán rẹ̀ ní 1936, ní abẹ́bẹ́ tó ṣeé yí lójú ẹ̀gbẹ́ àríwá rẹ̀. Àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí níbẹ̀, nítorí pé ìlú náà wà ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Ìtumọ̀ orúkọ tí àwọn Faransé fún irú abẹ́bẹ́ bẹ́ẹ̀ ni afọ́-oòrùn.

### Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ìbòrí àti abẹ́bẹ́ ń dá oòrùn tó ń bọ̀ tààrà dúró. Bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá gba afẹ́fẹ́ kan, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń ti gbogbo ojú ọ̀run wá, apá kan rẹ̀ ni ìbòrí sì lè dá dúró. Gíláàsì tó dára kò mọ ìyàtọ̀ ibi tí ooru ti wá. Nítorí náà, ìbòòji àti gíláàsì lè ran ara wọn lọ́wọ́ ní ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ amúlétutù tutù láti àárọ̀ di alẹ́.

Kọnkéré tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri lókè fèrèsé tún lè kó ooru jọ. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè lára ògiri kò bá rí àlàfo kọjá, abẹ́ ìbòrí ni yóò sé mọ́, yóò sì gba fèrèsé tó ṣí wọlé. Àlàfo díẹ̀ láàárín ìbòrí àti ògiri, pẹ̀lú ọ̀dà funfun lókè ìbòrí, máa ń dín èyí kù.

## Ìbàjẹ́ àti bí a ṣe ń dá a mọ̀

Gíláàsì aláwọ̀ lè sán fúnra rẹ̀. Àárín rẹ̀ tí oòrùn ń pa a máa fẹ̀ nítorí ooru, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó wà nínú férémù alumíníọ̀mù, tàbí apá tó wà lábẹ́ òjìji, kò gbóná tó o. Ìfàgbà yìí ló ń là á. Àmì rẹ̀ ni pé ojú sísán náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó sì máa ń jáde lóòró gangan sí etí náà kí ó tó yà. Sísán tí òkúta fà kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí òkúta ti bà á ni ó ti ń tàn káàkiri. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le kì í tètè sán báyìí, òun ni ó sì yẹ níbi tí òjìji bá ń pín ojú gíláàsì aláwọ̀ sí méjì lójoojúmọ́.

Ní ti fèrèsé onígíláàsì méjì, ibi tí omi wà ló ṣe kókó. Ní Èkó, bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, ìrì lè sẹ̀ sí ojú ìta gíláàsì. Kò sí ewu níbẹ̀. Bí ìrì bá wà láàárín gíláàsì méjèèjì, níbi tí aṣọ ìnulẹ̀ kò lè dé, ìdí tí wọ́n fi dí i ti já. Fàdákà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti etí wọ àárín, àbàwọ́n yóò sì hàn. Kò sí àtúnṣe fún un ju pé kí wọ́n pààrọ̀ odindi rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá fàdákà wà lójú tó yẹ. Ní alẹ́, kí ènìyàn dúró sínú yàrá, kí ó sì gbé iná láítà sún mọ́ gíláàsì. Àwòrán iná náà yóò hàn ní mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn yóò ní àwọ̀ tó yàtọ̀, òun sì ni ti ojú tó ní fàdákà. Bí ó bá jẹ́ ìkẹta láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró nínú yàrá, ojú kejì láti ìta ni, ó sì tọ́. Bí ó bá jẹ́ ìkejì, wọ́n ti dojú rẹ̀ kọdí. Bí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọra, kò sí fàdákà níbẹ̀, ohun yòówù kí ìwé ọjà wí.

Ti ìbòòji ìta ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Ibi tí oòrùn bá bà lé ilẹ̀ yàrá ni ó ń fi hàn. Bí ojú oòrùn kan bá wà lórí ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìbòrí tó wà níta kò bo àkókò náà, gígùn rẹ̀ tàbí irú rẹ̀ ni ó sì yẹ kí wọ́n tún wò.

## Bí àwọn ọ̀nà náà ṣe tẹ̀ léra

Èyí ni ooru tó wọlé lójú fèrèsé àpẹẹrẹ náà, nígbà tí 1,080 wáàtì bà lé e:

| Ohun tó wà lójú fèrèsé | Ooru tó wọlé |
|---|---|
| Gíláàsì funfun | 886 W |
| Gíláàsì aláwọ̀ eérú | 648 W |
| Gíláàsì onífàdákà fún ilẹ̀ olóoru | 324 W |
| Gíláàsì funfun pẹ̀lú ilẹ̀kùn pátákó níta | 177 W |

Nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya àwòrán rẹ̀, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ná akọ́lé ní owó kankan: kí àwọn fèrèsé ńlá dojú kọ àríwá àti gúúsù, níbi tí ìbòrí kúkúrú ti lè bò wọ́n, kí ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn sì kéré. Nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, tó sì gbára lé atẹ́gùn, ohun tó bá bo iwájú fèrèsé ìwọ̀-oòrùn láti ìta ló kọ́kọ́ yẹ. Gíláàsì onífàdákà wúlò jù ní ọ́fíìsì gíga tí kò ṣeé fi ìbòòji sí níta, tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sán. Gíláàsì aláwọ̀ wúlò fún ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́ni lójú. Bí ooru bá ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á, àwọ̀ ewé sàn ju àwọ̀ dúdú lọ.